Àlàní, Ọmọ Oṣù 13 tí A Bí Kí Oṣù Tó Pé: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì Ọmọdé

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta, ìyá kan àti ìyá ọkọ rẹ̀ gbé ọmọkùnrin kan wá sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti ń kọ́ṣẹ́ ní ìgboro Ìbàdàn. A ó máa pe ọmọ náà ní Àlàní, nítorí pé kò yẹ kí orúkọ rẹ̀ gan-an hàn níbí. Kì í ṣe àìsàn ni wọ́n tìtorí rẹ̀ wá. Ìyá àgbà ni ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́: ọmọ ti pé oṣù 13, kò tíì rìn, bẹ́ẹ̀ ọmọ aládùúgbò tí wọ́n jọ bí lóṣù kan náà ti ń sáré kiri àgbàlá. Ìyá ọmọ ní òun kò rí ohun tó yẹ kó bani lẹ́rù níbẹ̀, nítorí pé wọ́n ti sọ fún òun níbi tí òun bímọ sí pé ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣe ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe. Ọ̀rọ̀ ìyá ọmọ tọ̀nà, àníyàn ìyá àgbà náà sì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ kì í ṣe lórí ìrìn tó gbé e kà.

Ọ̀sẹ̀ 32 ni oyún Àlàní wà nígbà tí wọ́n bí i, ó sì wọn kílò 1.7. Ọ̀sẹ̀ 40 ni a fi ń ka oyún tó pé, nítorí náà ọ̀sẹ̀ 8 ló fi ṣáájú àkókò rẹ̀. Ọjọ́ 10 oṣù Kejì ni wọ́n bí i, ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ni wọ́n sì ti ń retí rẹ̀. Bí a bá ka ọjọ́ orí rẹ̀ láti ọjọ́ ìbí, oṣù 13 ni lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá. Bí a bá kà á láti ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n bí i, oṣù 11 àti ọjọ́ mẹ́ta ni. Ọjọ́ orí kejì yìí ni a ń pè ní ọjọ́ orí àtúnṣe, òun ni a sì fi ń wo ìwọ̀n ara, gígùn, orí àti ohun tí ọmọ ń ṣe, títí tí ọmọ yóò fi pé oṣù 24. Abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan ni a kì í tún ọjọ́ orí ṣe fún: abẹ́rẹ́ kòkòrò ìgbóná pupa àti ti ibà pọ́njú tí à ń gbà ní oṣù 9, láti ọjọ́ ìbí gan-an ni a ti ń ka oṣù náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń da méjèèjì pọ̀, wọ́n á sì dá ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé padà sílé láìgba abẹ́rẹ́ tó tọ́ sí i.

Gbogbo ẹjọ́ Àlàní dá lórí ohun tí àtúnṣe ọjọ́ orí lè ṣàlàyé àti ohun tí kò lè ṣàlàyé. Ó lè sọ ìdí tí ọmọ fi pẹ́. Kò lè sọ ìdí tí ọmọ fi dúró sójú kan, kò sì lè sọ ìdí tí apá kan ara fi ń ṣiṣẹ́ tí èkejì kò fi ṣe é. Àwọn méjèèjì tó gbẹ̀yìn yìí wà lára Àlàní, wọ́n sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fara pa mọ́ sẹ́yìn gbólóhùn kan ṣoṣo, ìyẹn ni pé "oṣù rẹ̀ kò pé ni."

Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́kọ́ gbé ọmọ náà wọn rí kílò 7.7. Ó fi àmì sí i lórí káàdì lábẹ́ oṣù 13, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe fún gbogbo ìwọ̀n tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmì náà sì bọ́ sábẹ́ ìlà -2, ìyẹn ìlà tí a ń ka ọmọ tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ sí ẹni tó kéré jù fún ọjọ́ orí rẹ̀, nítorí pé kílò 7.9 ni ìlà náà wà fún ọmọkùnrin oṣù 13. Ó kọ "ìwọ̀n rẹ̀ kéré" síbẹ̀. Nígbà tí mo ní kó tún ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe, ó gbé àmì náà padà sí oṣù 11, níbi tí ìlà -2 ti wà ní kílò 7.6, àmì náà sì bọ́ sókè ìlà. Inú akẹ́kọ̀ọ́ náà dùn, ó ti ń wá nǹkan tí yóò fi pa ohun tó kọ́kọ́ kọ rẹ́. Mo ní kó jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ ná, kó kọ́kọ́ gbé gbogbo àmì tó ṣáájú padà sẹ́yìn bákan náà.

Ìwọ̀n tó wà lórí káàdì kò pọ̀. Ní oṣù Kọkànlá, kílò 7.5 ni, ní oṣù Kejìlá, 7.7, ní oṣù Kìíní, 7.8, ní oṣù Kejì, 7.7, ní oṣù Kẹta tí à ń wí yìí, 7.7. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọjọ́ orí àtúnṣe tò wọ́n láti oṣù 7 sí oṣù 11, ti oṣù Kọkànlá wà lókè ìlà -1 díẹ̀, ìyẹn ìlà tó wà láàárín ìlà -2 àti ìlà àárín, nítorí pé kílò 7.4 ni ìlà -1 wà ní oṣù 7. Ti oṣù Kejìlá jókòó sórí ìlà náà gan-an. Láti ìgbà náà ni ìlà tí a fi so àmì mọ́ àmì ti ń lọ tààrà bí okùn tí a fà, tí ìlà -1 sì ń gòkè lọ lókè rẹ̀. Ìlà -1 fi kílò kan gbáko kún ara rẹ̀ láàárín oṣù 7 sí oṣù 11, láti 7.4 sí 8.4. Gíráàmù 200 péré ni Àlàní fi kún tirẹ̀.

Ohun tí àtúnṣe ọjọ́ orí ń ṣe ni pé ó ń sún gbogbo àmì sí apá òsì lórí káàdì, ní ìwọ̀n kan náà. Kò gbé ọ̀kankan sókè, kò sì yí bí ìlà náà ṣe rí padà. Bí ìlà ọmọ bá dúró kí a tó tún ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe, yóò dúró lẹ́yìn rẹ̀ náà. Nítorí èyí, àmì kan ṣoṣo tó bọ́ sókè ìlà -2 kò tó ìdí láti sọ pé ara ọmọ yá, gẹ́gẹ́ bí àmì kan tó bọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ kò ṣe tó láti sọ pé kò yá. Ọmọ tó kéré, tó sì ń bá ìlà tirẹ̀ lọ sókè lóṣooṣù, kò kó ìdààmú bá mi tó ọmọ tí ìwọ̀n rẹ̀ wà ní àárín tó sì ti yọ́ kúrò lórí ìlà tó ń tọ̀.

Kí a tó gbà pé ìlà dúró, a gbọ́dọ̀ bi ara wa bóyá òṣùwọ̀n ló parọ́. Òṣùwọ̀n tí a ń so kọ́ òpó, tó ní ṣòkòtò tí a ń gbé ọmọ sí, gíráàmù 100 ló ń kà lẹ́ẹ̀kan. Nípa bẹ́ẹ̀, 7.7 àti 7.8 kò yàtọ̀ síra tó ohun tí ènìyàn lè fi ẹnu sọ, a kò sì lè sọ pé ọmọ náà rù láti oṣù Kìíní sí oṣù Kejì. Mo tún bi ìyá rẹ̀ bóyá wọ́n bọ́ aṣọ lára ọmọ lọ́jọ́ wọ̀nyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọyẹ́ mú nígbà náà, ta ni yóò bọ́ súwẹ́tà lára ọmọ? Nítorí náà ó ṣeé ṣe kí súwẹ́tà àti ìtẹ̀dí tútù wà nínú 7.7 oṣù Kejìlá àti 7.8 oṣù Kìíní, èyí tó túmọ̀ sí pé ìlà náà lè ti dúró ṣáájú ìgbà tí káàdì sọ. Lọ́jọ́ tiwa, a bọ́ gbogbo aṣọ rẹ̀ pátá, a tú ońdè tó wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ìyá àgbà, a fi ṣòkòtò òṣùwọ̀n kọ́ lófìfo kí ọwọ́ rẹ̀ lè padà sí òdo, a wọn ọmọ lẹ́ẹ̀mejì, 7.7 náà ni.

Gígùn rẹ̀ ló fún wa ní ẹ̀kọ́ tó kàn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ìdùbúlẹ̀ ni a ti ń wọ̀n ọ́n, iṣẹ́ ènìyàn méjì sì ni. Ẹnì kan yóò dúró sí ìparí pátákó níbi orí, yóò di orí ọmọ mú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí àtàrí rẹ̀ kan pátákó, kí ojú rẹ̀ sì kọ sí òkè gangan. Ẹnì kejì yóò fi ọwọ́ kan tẹ orúnkún ọmọ mọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́, yóò fi ọwọ́ kejì ti pátákó ẹsẹ̀ wá títí tí yóò fi kan àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì, tí ìka ẹsẹ̀ ń wo òkè. Akẹ́kọ̀ọ́ kan dá a ṣe nígbà àkọ́kọ́, ìyá ọmọ ló di orí mú, ọmọ ń ké, orúnkún rẹ̀ ká, ó sì ka sẹ̀ǹtímítà 70.1. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ méjì jọ ṣe é, a rí 71.5, a tún un ṣe, a rí 71.7, a sì kọ 71.6.

Sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀ lè dà bí ohun kékeré. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ì bá ṣe. Tí a bá gba 70.1 gbọ́, ọmọ náà ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí ìlà -2 nínú gígùn, èyí tó wà ní 69.9 fún oṣù 11, a ó sì ti máa pè é ní ọmọ tó kúrú. Nígbà kan náà, kílò 7.7 lára ọmọ tó gùn tó 70.1 kò jìnnà sí ìlà -1, nítorí náà ọmọ náà ì bá dà bí ẹni tí ara rẹ̀ kún tó. Lára ọmọ tó gùn tó 71.6, kílò 7.7 kan náà sún mọ́ ìlà -2 ju -1 lọ. Orúnkún tó ká sọ ọmọ di kúkúrú, ó sì sọ ọ́ di ẹlẹ́ran ara lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì fi ebi tó ń pa á pa mọ́. Ìdí nìyí tí n kò fi ń gba ìwọ̀n gígùn tí ẹnì kan dá ṣe, ì báà jẹ́ ọ̀gá ló ṣe é.

Tépù apá ka sẹ̀ǹtímítà 12.8, ìyẹn sì wà ní apá aláwọ̀ ewé, nítorí pé 12.5 ni ibi tí apá aláwọ̀ ewé ti bẹ̀rẹ̀, tí a sì ń ka ọmọ tó bá kéré sí 11.5 sí ẹni tí àìjẹunre ti mú gidigidi. A fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, kò kù sínú, ara rẹ̀ kò wú. Orí rẹ̀ jẹ́ 44.9, ó sì ń bá ìlà tirẹ̀ lọ láàárín ìlà àárín àti ìlà -1. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí pé níwọ̀n ìgbà tí tépù ti sọ pé ó dára, kí ló kù? Tépù apá ni a fi ń wá ọmọ tí ewu ikú sún mọ́ láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Kò mọ ibi tí ọmọ wà lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Káàdì ló mọ̀ ọ́n.

Ìwádìí lórí oúnjẹ kò pẹ́ rárá nígbà tí a ti mọ oṣù tí ìlà dúró. Mo bi ìyá Àlàní pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló yí padà nílé láti nǹkan bí oṣù Kejìlá?" Ó ní àkókò náà ni òun padà sí ọjà, tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ti ìyá àgbà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ń mu ọmú lálẹ́ àti ní ìdájí. Ní ọ̀sán, ògì ni wọ́n ń fún un lẹ́ẹ̀mejì, ìyá àgbà sì ṣàlàyé fún wa bí ó ṣe ń pò ó: ó máa ń là á dáadáa kó lè ṣeé mu nínú kọ́ọ̀bù, kó má baà há ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé lọ́fun, yóò sì fi ṣúgà sí i. Ọmọ náà tún ya ìgbẹ́ gbuuru lẹ́ẹ̀kan ní oṣù Kìíní àti lẹ́ẹ̀kan ní oṣù Kejì. Kò ní ikọ́ tó pẹ́, kò sí ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ nílé, àyẹ̀wò kòkòrò apa-sójà ara tí ìyá ṣe nínú oyún fi hàn pé kò ní i, àtẹ́lẹ́wọ́ ọmọ kò sì funfun. A ní kí wọ́n fún un ní oúnjẹ lójú wa. Ó gbé e mì dáadáa, kò wú ikọ́, kò sì sá fún ṣíbí. Ó tiẹ̀ la ẹnu kí ṣíbí tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ tí ebi ń pa ni.

Ìyá àgbà kò jẹ̀bi ohunkóhun, mo sì kìlọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n má ṣe sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá a wí, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ni oúnjẹ ọmọ yóò ṣì máa gbà kọjá lọ́la. Ohun tí a sọ fún un ni pé kí ògì náà ki débi pé bí ó bá gbé ṣíbí sókè, kò ní tètè kán sílẹ̀. Kó fi edé lílọ̀ tàbí ẹ̀pà lílọ̀ àti epo díẹ̀ sí i. Kó máa fún un ní ẹ̀wà tí a tẹ̀ pẹ̀lú epo, ẹyin tàbí ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀. Kí oúnjẹ jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, ìlàjì kọ́ọ̀bù tó ń gba mílílítà 250 lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ìpanu lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì láàárín. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá tún dé, kí wọ́n máa fún un ní omi iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń gbà ní ilé ìwòsàn, kí wọ́n wá gba síńkì tí yóò máa lò fún ọjọ́ 10 sí 14, kí wọ́n má sì dá oúnjẹ dúró.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ parí ni a tó dé orí ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá. Àjọ Ìlera Àgbáyé, tó gbé ìlà ìdàgbàsókè tí à ń lò yìí jáde ní ọdún 2006, tún wo ìgbà tí àwọn ọmọ tí ara wọn yá ń ṣe ohun mẹ́fà kan, láti ìjókòó dé ìrìn, ní Gánà, Íńdíà, Nọ́wè, Oman àti Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í dá rìn nígbàkígbà láàárín oṣù 8.2 sí oṣù 17.6. Àlàní kò pẹ́, ì báà jẹ́ oṣù 13 tàbí oṣù 11 ni a kà fún un. Ó ń dá jókòó láìfarati nǹkan, ó ń di ìró ìyá rẹ̀ mú dìde dúró, ó ń dáhùn bí a bá pe orúkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń sọ "baba" àti "dada" láìdarí rẹ̀ sí ẹnì kan pàtó, ó sì wo mi tìfuratìfura kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan òun. Kò sí ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe rí tó wá gbàgbé. Ọmọ aládùúgbò tó ń sáré kiri yá ni, Àlàní kò sì tíì dé ibi tí a ó ti pè é ní ẹni tó pẹ́.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dúró síbẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú ìwé ti gba àmì "bẹ́ẹ̀ ni", iṣẹ́ ti tán. Àmọ́ ìwé kì í béèrè bí ọmọ ṣe ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó sórí ẹní níwájú Àlàní, ó gbé ẹ̀rún búrẹ́dì sí ọ̀tún rẹ̀, ọmọ fi àtàǹpàkò àti ìka kejì ṣà á mú, ó sọ ọ́ sẹ́nu. Ó gbé òmíràn sí apá òsì rẹ̀. Ọmọ yí gbogbo àyà rẹ̀ padà, ó na ọwọ́ ọ̀tún kọjá níwájú ikùn, ó mú un. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe nígbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọwọ́ òsì wà lórí itan, ó dì, àtàǹpàkò sì wà nínú rẹ̀.

Inú ìyá àgbà dùn sí ohun tó rí. "Ẹ rí i bí? Ọmọ ilé-ire ni, kò fọwọ́ òsì gba nǹkan rí láti kékeré." Mo rò pé gbólóhùn yìí ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ láàárín wa fi sọ́kàn jù lọ. Tí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ òsì ni Àlàní ń lò ṣáá, gbogbo ilé ni yóò ti pariwo, wọn ì bá ti gbé e wá láti ọjọ́ pípẹ́. Nítorí pé ọ̀tún ni, ìyìn ni wọ́n ń fún un. Bẹ́ẹ̀, ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò yẹ kó ní ọwọ́ tó yàn láàyò débi pé yóò pa èkejì tì. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé ọwọ́ kan gbọ́n, èkejì ni kò lè ṣiṣẹ́.

A ní kí ìyá rẹ̀ di ọwọ́ ọ̀tún mú jẹ́jẹ́, a sì tún gbé búrẹ́dì kalẹ̀. Ọmọ náà kọ́kọ́ jà láti gba ọwọ́ ọ̀tún padà, ó sunkún, lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ òsì, ó fi gbogbo ọwọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dì gbá búrẹ́dì náà kiri, kò rí i mú. Lẹ́yìn èyí, mo gbé e ní ìgbáyà, mo dojú rẹ̀ kọlẹ̀, mo sì sọ ọ́ kalẹ̀ ní kíá díẹ̀ sórí ẹní bí ẹni pé ó fẹ́ ṣubú. Ọmọ tó ti kọjá nǹkan bí oṣù 9 yẹ kó na apá méjèèjì síwájú láti gba ara rẹ̀ dúró. Apá ọ̀tún nà, ọwọ́ sì tẹ́. Ti òsì ká ní ìgbọ̀nwọ́. Nígbà tó ń rá, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì lẹ́yìn díẹ̀, nígbà tí mo sì gbé àtẹ́lẹsẹ̀ òsì sókè, ọrùn ẹsẹ̀ náà kò rọ̀ tó ti ọ̀tún.

Ohun mìíràn lè mú kí ọmọ má lo apá kan. Egungun tó ṣẹ́ àti oríkèé tó ní egbò máa ń dun ọmọ bí a bá fọwọ́ kàn án, ó sì máa ń bẹ̀rẹ̀ lójijì. Iṣan ọrùn tó fà nígbà ìbí máa ń wà láti ọjọ́ kìíní, apá náà sì máa ń rọ̀ jọwọrọ, ẹsẹ̀ kò ní í bá a lọ́wọ́ sí i. Ti Àlàní kò dùn ún, ó le dípò kó rọ̀, apá àti ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan náà ló sì mú. Ìyẹn ń tọ́ka sí ọpọlọ, ọmọ tí a bí ní ọ̀sẹ̀ 32 sì wà lára àwọn tí ọpọlọ wọn tètè ń fara pa ní àyíká ìgbà ìbí. Kì í ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì láti fún un ní orúkọ. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni láti má ṣe dúró wò ó títí di oṣù 18, nítorí pé àtúnṣe ọjọ́ orí kò kan ọ̀rọ̀ yìí rárá: kò sí oṣù tí ó yẹ kí ọmọ máa lo ẹ̀gbẹ́ kan kó sì gbàgbé èkejì.

A kọ lẹ́tà sí dókítà ọmọdé ní ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ kọ ọ́ pé "ìdàgbàsókè ọmọ lọ́ra," mo sì ní kó fà á ya, nítorí pé kì í ṣe òótọ́, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sì máa ń mú kí wọ́n fún ọmọ ní ọjọ́ tó jìnnà. Èyí tó lọ kọ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bí i, ìwọ̀n rẹ̀ nígbà ìbí, ọjọ́ orí méjèèjì, àti ohun tí ojú wa rí: pé ọmọ ń lo ọwọ́ ọ̀tún nìkan, pé ọwọ́ òsì ń dì, pé apá òsì kò nà nígbà tí a sọ ọ́ kalẹ̀, pé ọrùn ẹsẹ̀ òsì le. Ó tún kọ ìwọ̀n oṣù márùn-ún sí i, ó sì béèrè pé kí wọ́n yẹ etí àti ojú ọmọ náà wò, nítorí pé ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé lè ní àbùkù níbẹ̀, dídáhùn sí orúkọ kò sì tó ẹ̀rí pé etí méjèèjì dára. Fún ìyá àti ìyá àgbà, a sọ pé ọmọ náà kò pẹ́ láti rìn, pé ọwọ́ òsì rẹ̀ ló ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́, àti pé bí ó bá tètè rí i, ọwọ́ náà yóò wúlò ju bí ó ṣe wà lọ. Ìyá àgbà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá béèrè bóyá kí òun máa gbé nǹkan sí ọwọ́ òsì rẹ̀ láti òní lọ. A ní bẹ́ẹ̀ ni, kó máa ṣe bẹ́ẹ̀, kó sì máa fún un ní ohun tó tóbi tó fi gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó wọn kílò 7.9. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin, nígbà tí ọjọ́ orí àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ oṣù 12, ó wọn 8.1. Ìlà -1 wà ní 8.6 ní oṣù náà, nítorí náà kò tíì dé ibi tó ti wá, ṣùgbọ́n gíráàmù 400 tó fi kún un láàárín oṣù kan ju èyí tí ìlà -1 fi kún ara rẹ̀ lọ, ìlà rẹ̀ sì ti kọjú sókè. Dókítà dá èsì padà pé apá àti ẹsẹ̀ òsì ní ìléle tó wá láti ọpọlọ, tí kò pọ̀. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ físíò fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, etí rẹ̀ dára, wọ́n sì fún un ní ọjọ́ míràn fún ojú.

Ohun tó kù lórí káàdì Àlàní ni àkọsílẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi yíǹkì pupa kọ sí iwájú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá tún gbà á: "Ọ̀sẹ̀ 32. Yọ oṣù méjì kúrò títí di oṣù 24. Má yọ fún abẹ́rẹ́." Nígbà tó bá pé oṣù 24, ohun méjì ni yóò yí padà lọ́jọ́ kan náà. A ó dẹ́kun àtúnṣe, nítorí náà àmì rẹ̀ yóò fò síwájú fún oṣù méjì lórí káàdì, yóò sì dà bí ẹni pé ìlà rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. A ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n ní ìdúró dípò ìdùbúlẹ̀, èyí tó máa ń dín gígùn kù ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 0.7. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò rò pé ọmọ náà ti padà sẹ́yìn, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí ìyá àgbà ń fún un jẹ. Nítorí náà ni a ṣe ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n lọ́nà méjèèjì lọ́jọ́ yẹn, ní ìdùbúlẹ̀ àti ní ìdúró, kí wọ́n sì kọ èyí tó jẹ́ ti ìdúró sí ẹ̀gbẹ́ àmì náà.